Lẹ́tà ìwáṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí Jámánì kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí n'Ìbàdàn, mo ti lo ọdún 6 ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn kan ní Jámánì. Gbólóhùn wo ló fi ọ̀wọ̀ hàn jù tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀ kí n sì fi parí, kí wọ́n lè ṣàánú mi?"

Ẹ yọ ọ̀rọ̀ àánú kúrò níbẹ̀ ná. Òun gan-an ló ń ba lẹ́tà àwọn nọ́ọ̀sì wa jẹ́, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ yín láti bá yín kọ ọ́ ló ń kọ́ yín bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé lẹ́tà tí à ń kọ sí ọ̀gá ìjọba nílé, "mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀", wọ́n á yí i sí èdè Jámánì, wọ́n á wá fi àdúrà kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó máa kà á fẹ́ mọ wọ́ọ̀dù tí ẹ ti ṣiṣẹ́, ibi tí ètò ìwé ẹ̀rí yín dé, àti bí ẹ ṣe gbọ́ èdè tó. Ẹ̀bẹ̀ kò dáhùn ọ̀kankan nínú wọn.

Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń wò ni pé ẹ kọ orúkọ ẹni náà dáadáa. Ẹ wá a nínú ìkéde iṣẹ́ náà. Ká ní Arábìnrin Schneider ni, ẹ kọ:

Sehr geehrte Frau Schneider,

auf Ihrer chirurgischen Station möchte ich meine sechsjährige Erfahrung in der Versorgung frisch operierter Patienten einbringen.

Ìyẹn ni pé ẹ fẹ́ mú ìrírí ọdún 6 tí ẹ ní nínú ìtọ́jú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún wá sí wọ́ọ̀dù wọn. Ẹ wò ó pé kọ́mà ló tẹ̀lé orúkọ, lẹ́tà kékeré ló sì bẹ̀rẹ̀ "auf". Ọkùnrin ni "Sehr geehrter Herr". Bí ẹ bá wá orúkọ títí tí ẹ kò rí i nìkan ni kí ẹ lo "Sehr geehrte Damen und Herren".

Ẹ ṣọ́ra o: ẹ má pe ara yín ní "Pflegefachfrau", orúkọ tí wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì tó ti gba ìwé àṣẹ níbẹ̀, bí ìjọba ibẹ̀ kò bá tíì fún yín ní "Urkunde", ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà. Òfin dáàbò bo orúkọ yẹn. Ní orí lẹ́tà, ẹ kọ "Bewerbung als Pflegekraft im Anerkennungsverfahren", kí ilé ìwòsàn náà mọ̀ pé ìjọba ṣì ń yẹ ìwé yín wò. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Jámánì ló ní ọ́fíìsì tó ń ṣe ìyẹn, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti bèèrè ohun tó kan ìwé tiyín, kì í ṣe lọ́dọ̀ èmi.

Níparí, ẹ kọ "Über eine Einladung zum Vorstellungsgespräch freue ich mich": inú yín dùn sí ìpè wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ má fi "würde" sí i, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹ̀ ń ṣiyèméjì. Lẹ́yìn náà, "Mit freundlichen Grüßen", láìsí kọ́mà, kí ẹ buwọ́ lù ú, kí orúkọ yín wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni kí gbogbo rẹ̀ gbà.