Agbárí Ta Ló Wà Nínú Àtẹ̀jíṣẹ́ Yẹn?

Ìbéèrè: Mo kọ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin mi pé láti àárọ̀ ni mo ti ń wá gíláàsì ojú mi káàkiri ilé, àṣé orí mi ló wà. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan padà. Agbárí mẹ́ta ló fi ránṣẹ́: 💀💀💀. Àyà mi já. Ṣé ikú mi ló ń fi ṣeré ni? Báwo ni agbárí òkú ṣe di ohun téèyàn ń fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Òkú wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́. Ọmọ yín fúnra rẹ̀ ni. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé ọ̀rọ̀ gíláàsì yẹn pa òun lẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀mí ti bọ́, agbárí òun nìkan ló ṣẹ́ kù nílẹ̀. Mẹ́ta tó sì tò tẹ̀ léra wọn kì í ṣe òkú mẹ́ta, bí ẹ̀rín náà ṣe pọ̀ tó ló ń fi hàn.

Èdè táwọn èèyàn ń kọ lórí fóònù ni iṣẹ́ mi, ohun kan ṣoṣo ni mo sì máa ń ní kí àwọn òbí kọ́kọ́ bi ara wọn tí wọ́n bá rí àwòrán yìí: agbárí ta ni? Tí ẹ̀rín bá ló fà á, agbárí ẹni tó fi í ránṣẹ́ ni. Ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ibi tí àṣà yìí ti wá ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìmójì, ìyẹn àwọn àwòrán kéékèèké bí agbárí yìí, ti wà lórí fóònù ní ilẹ̀ Jàpáánì láti ìparí àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, Unicode, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà kí gbogbo ẹ̀rọ lè kà á bákan náà, kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn sínú àtẹ̀jáde 6.0. Agbárí wà lára wọn, U+1F480 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, 😂, wà nínú àtẹ̀jáde kan náà. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹ̀rín nìyẹn. Agbárí ní tirẹ̀ jẹ́ agbárí lásán. Nígbà tó di ọdún 2011, iOS 5, ètò tó ń darí iPhone nígbà náà, mú ìmójì dé orí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé iPhone káàkiri ayé, àwọn méjèèjì sì di ohun tí ọwọ́ gbogbo èèyàn tó.

Ìtumọ̀ tuntun náà kò wá láti inú àwòrán, ẹnu èèyàn ló ti wá. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ pé ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ẹ̀rín “fẹ́” pa kò tíì kú. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló gbé e síwájú sí i lẹ́nu wọn: ó pa mí, mo ti kú, ó parí. Wọ́n ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí Twitter, kúkúrú, láìṣàlàyé. Àwòrán agbárí wá ba gbólóhùn yẹn mu rẹ́gí. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àti àwòrán jọ ń rìn ni: ẹnì kan á kọ pé òun ti kú, á sì fi 💀 sí ìparí rẹ̀. Nígbà tí ojú ti mọ́ àwọn méjèèjì pa pọ̀, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kúrò, agbárí nìkan ló sì kù tó ń jẹ́ iṣẹ́ méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ọ̀rọ̀ kankan nínú èsì ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti wọ inú àwòrán náà.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí wọn kò fi lo 😂 tó wà nílẹ̀? Wọ́n lò ó, wọ́n tiẹ̀ lò ó jù. Àmì ẹ̀rín máa ń gbó bí aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́. LOL, ìkékúrú Gẹ̀ẹ́sì fún “mò ń rẹ́rìn-ín sókè”, ló kọ́kọ́ gbó: ẹni tó kọ ọ́ nígbà kan ń rẹ́rìn-ín gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó di ohun téèyàn fi ń rọ ọ̀rọ̀ lójú láìrẹ́rìn-ín rárá. 😂 tẹ̀ lé e lọ́nà kan náà. Lọ́dún 2015, ìwé atúmọ̀ èdè Ọ́kísífọ́ọ̀dù mú un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọdún náà, ẹ̀yìn ìyẹn sì ni àwọn àgbàlagbà ń fi parí gbogbo gbólóhùn, ì báà jẹ́ ìkíni. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ ní gbangba pé tàwọn àgbà ni. Lójú tèmi, ohun tó gbé agbárí ga nígbà náà ni pé kò rẹ́rìn-ín músẹ́. Èèyàn lè fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín ṣe ojú ayé, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi agbárí ṣe é?

Agbárí náà ti ń gbó báyìí. Ẹyọ kan ṣoṣo lè máà ju “ìyẹn pani lẹ́rìn-ín díẹ̀” lọ, tàbí “ojú tì mí”. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń to mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n sì tún ń fi 😭 kún un. Ẹkún ẹ̀rín nìyẹn náà.

Ìgbà tí ìtumọ̀ bá yí padà ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ má ṣe fi 💀 sábẹ́ ìròyìn pé ẹnì kan kú, kódà kí ẹ rò pé ẹ fi ń kẹ́dùn. Ẹ̀rín ni ọ̀dọ́ tó bá rí i yóò kà á sí. Ẹ tún wo àwòrán náà dáadáa, nítorí ó ní ìbátan kan, ☠️, tí egungun méjì dábùú lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ti wà nínú Unicode láti ọdún 1993, àmì májèlé àti ewu sì ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ oògùn tàbí kẹ́míkà, ìkìlọ̀ ni kí ẹ kà á sí.

Tó bá jẹ́ pé orúkọ yín, ibi tí ẹ wà tàbí ọbẹ ló tẹ̀ lé agbárí, tí kò sì sí ohun apanilẹ́rìn-ín kankan ṣáájú rẹ̀, agbárí ti yí ọwọ́ nìyẹn: ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní òkú. Ẹ má dáhùn, ẹ má sì pa á rẹ́. Ẹ ya fọ́tò ojú fóònù náà pa mọ́, kí ẹ sì fi han ẹni tó lè gbèjà yín.

Èyí tó ń fún èmi fúnra mi ní wàhálà jù ni tí ọmọ bá kọ pé òun fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tó sì fi 💀 sí i. Agbárí tirẹ̀ ni síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rín ló fi ń bo ìbànújẹ́. Àwòrán kò lè yanjú ìyẹn. Ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.