Jíìpù kékeré àbí ọkọ̀ kékeré: wọn òkìtì ọ̀nà ilé rẹ ná

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọkọ̀ àlòkù ni mo fẹ́ rà, tí yóò máa gbé èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta. Ọ̀nà ilé wa kò dáa rárá, tí a bá sì jáàjà dé orí ọ̀dà, súnkẹrẹ fàkẹrẹ ló máa ń gbà wá lálejò. Gbogbo èèyàn ní kí n ra jíìpù kékeré, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ọkọ̀ kékeré nítorí epo. Èwo ni kí n ṣe?"

Àbúrò, mo ti lo méjèèjì lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo dúró sí nìyí: bí kò bá sí ibi tí abẹ́ ọkọ̀ kékeré yóò ti máa ha ilẹ̀, tí o kò sì lè yà fún un, má ra jíìpù. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń yin jíìpù fún lójú ọ̀nà játijàti, táyà ló ń ṣe é, o sì lè rí irú táyà bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kékeré. Nítorí náà, kí o tó lọ wo ọkọ̀ kankan, lọ wọn ọ̀nà rẹ.

Wá ibi tó burú jù láti ẹnu géètì rẹ dé orí ọ̀dà. Ní ti èmi, òkìtì kan ni, níbi tí wọ́n ti ri páìpù omi mọ́lẹ̀ gba ìdábùú ọ̀nà, tí àgbàrá sì ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Irú nǹkan báyìí, ojú lásán kì í wọ̀n ọ́n dáadáa. Gé igi méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní 30 sẹ̀ǹtímítà, kí o wá okùn tó gùn ní mítà 2.7. Ìwọ̀n yẹn ni àlàfo táyà iwájú sí táyà ẹ̀yìn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ti jíìpù kékeré náà kò sì jìnnà sí i. Gbé igi kan kalẹ̀ ní apá ìhín òkìtì, kí ẹnìkan gbé èkejì kalẹ̀ ní apá ọ̀hún, kí òkìtì wà láàrin gẹ́lẹ́. Ẹ na okùn le dáadáa láti orí igi kan sí èkejì, kí o wá wọn àlàfo tó wà láti okùn sí ṣóńṣó òkìtì. Tèmi jẹ́ 18. Yọ 18 kúrò nínú 30, ó ku 12: sẹ̀ǹtímítà 12 ni òkìtì náà fi ga ju ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò tẹ̀ lọ. Bí táyà ọkọ̀ ńlá bá ti gbẹ́ ipa tó jìn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà, fi jíjìn ipa náà kún un, torí inú ipa yẹn ni táyà tìrẹ náà yóò bọ́ sí.

Ó wá ku ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ló ga sẹ̀ǹtímítà 13 sí 15 nílẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀ jù lábẹ́ rẹ̀, jíìpù kékeré a máa wà láàrin 18 sí 21. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfìfo ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ọkọ̀ kékeré tí mo ń lò nígbà náà, 14 ni mo bá a nígbà tí kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀. Nígbà tí ìdílé mi jókòó, tí ẹrù sì wọ búùtù, mo na téèpù sábẹ́ rẹ̀, ó ti di 10 àti ààbọ̀. Bí mo ṣe mọ ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí mo bá dá wà, tí oríkèé sàlẹ́ńsà sì ń dún gbàràgà lórí òkìtì nígbà tí gbogbo wa bá jọ ń bọ̀ ní alẹ́. Mẹkáníìkì kan ti fẹ́ pààrọ̀ sàlẹ́ńsà náà látòkèdélẹ̀ fún mi.

Ohun tó yẹ kí o yẹ̀ wò níbí ni sípíríìngì, nítorí ti ọkọ̀ àlòkù a máa rọ̀ láìjẹ́ pé ó kán. Wọ̀n láti àárín gbùngbùn rímù dé etí irin tó bo táyà lókè, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọ̀tún àti òsì bá fi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ yàtọ̀ síra, tàbí tí ìdí ọkọ̀ bá bà sílẹ̀ ju ti irú rẹ̀ mìíràn tí o rí lọ, sípíríìngì ti rẹ̀ ẹ́. Mo fi tuntun sí tèmi, mo rí sẹ̀ǹtímítà 2 gbà padà, ó wá di 12 àti ààbọ̀ pẹ̀lú èrò. Ní orí ìwé, ó ti ga ju òkìtì lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń rìn a máa jó: bí táyà iwájú bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí òkìtì, imú á bà, ìdí náà á sì tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí àlàfo tó ṣẹ́ kù tó sẹ̀ǹtímítà 3. Àwọn kan máa ń ki rọ́bà sórí sípíríìngì kí ọkọ̀ lè ga. Bí ó bá wọ sẹ̀ǹtímítà 2, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú á máa yí ní wíwọ́, rọ́bà tó bo oríkèé rẹ̀ á ya, gíríìsì á dà nù, oríkèé á sì máa ta kókókó nígbàkígbà tí o bá ṣẹ́ kọ̀nà.

Báyìí ni mo ṣe bọ́ sínú jíìpù, èyí tó jẹ́ 19 lófìfo, tó sì jẹ́ 16 nígbà tó kún. Ìwọ náà lè fi ìṣirò yẹn ṣe tìrẹ. Ọkọ̀ kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pé, tó kún, a máa wà ní nǹkan bí 11. Yọ 3, ó ku 8. Jíìpù tó kún jẹ́ 16. Yọ 3, ó ku 13. Bí òkìtì rẹ kò bá ju 8 lọ, ọkọ̀ kékeré tó ọ. Láàrin 8 sí 13, jíìpù ni. Bí ó bá ju 13 lọ, ẹ wá ẹni tó máa fi ṣọ́bìrì bá yín tẹ́ ọ̀nà yẹn kí ẹnikẹ́ni tó ra ọkọ̀.

Kòtò orí ọ̀dà, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Etí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jìn, nítorí náà kì í sábà kan abẹ́ ọkọ̀. Rímù àti táyà ló ń jẹ. Níbí, ohun tó ń gbà ọ́ ni gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, láti etí rímù dé ibi tó ń tẹ ilẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára táyà á sì sọ ọ́ fún ọ. Níbi tí wọ́n bá kọ 205/55R16 sí, fífẹ̀ táyà jẹ́ mìlímítà 205, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún 205, èyí tó jẹ́ 113. Lára 225/45R17, ó di 101. Lára 195/65R15, ó di 127. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà lápapọ̀, torí náà aago eré ọkọ̀ kò ní máa purọ́ fún ọ bí o bá pààrọ̀ ọ̀kan sí òmíràn, kìkì pé kí rímù kékeré náà má gbá búréèkì. Mo yọ rímù 17 kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kékeré mi, mo fi rímù 15 sí i, ìṣòro rímù tó ń tẹ̀ sì parí. Jíìpù tó bá gbé rímù 19 wá nítorí ẹwà, 235/55R19, 129 péré ni ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀, ìyẹn ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ọkọ̀ kékeré oní 15 lọ nínú kòtò. Bí o bá fẹ́ jíìpù, wá èyí tó jẹ́ 225/65R17, tó ní 146. Àwọn tó ń tà á á sọ pé èyí tí rímù rẹ̀ tóbi ló lọ́lá jù. Jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ọlá yẹn lọ.

Ní ti súnkẹrẹ fàkẹrẹ, ọkọ̀ kékeré ló borí. Jíìpù kékeré sábà máa ń fi nǹkan bí 250 sí 300 kìlógíráàmù wúwo jù ú lọ, ẹ́ńjìnnì á sì máa ti ìwúwo yẹn láti ìdúró nígbàkígbà tí ìlà bá sún síwájú díẹ̀. Ti èmi, ọkọ̀ kékeré ń mu nǹkan bí lítà 10 fún 100 kìlómítà nínú gọ́sìlóò, jíìpù ń mu 14. Ẹ̀yà tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, fi í sílẹ̀ àyàfi tí ẹrẹ̀ bá ń mú ọkọ̀ lọ́nà ilé rẹ: ó tún wúwo sí i, ó ní jíà ẹ̀yìn tó ń fẹ́ ọ́ìlì tirẹ̀, bí táyà kan bá sì bẹ́, o lè ní láti ra mẹ́rin kí wọ́n lè dọ́gba.

Èyíkéyìí tí o bá yàn, má ṣe dán an wò ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tí ọ̀nà ṣófo. Jíà ọ́tò tó ti ń rẹ̀ kì í sọ tẹnu rẹ̀ nígbà tó bá tutù. Bèèrè pé kí ẹ wọnú gọ́sìlóò, kí o ṣí éésì, kí ẹ sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Lẹ́yìn náà, wá ibi tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ díẹ̀, jẹ́ kí ó máa rá gun ún. Bí ó bá ń gbọ̀n bíi pé ó ń gun pákó láàrin 20 sí 40 kìlómítà ní wákàtí, tàbí tí o fi sí D tó fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì ronú kó tó fà, yí ìdí padà. Wo aago gbígbóná náà: ojú kan ni kó dúró. Bí ó bá ń gòkè ní ìdúró tó sì ń sọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sáré, fáànù rédíétọ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí éésì bá ń gbóná ní ìdúró, kọ́kọ́ fura sí fáànù yẹn náà.

Ọ̀rọ̀ kan lórí omi, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan á gbé e dìde. Gíga jíìpù kò sọ ọ́ di ọkọ̀ ojú omi. Ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn sábà máa ń wà lẹ́yìn géètì iwájú ọkọ̀, bí omi bá sì bá a dé inú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá inú rẹ̀ á tẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, má ṣe tún un tanná.

Bí o bá ti wọn òkìtì rẹ, kọ iye rẹ̀ síbí, kí o sì kọ nọ́ńbà ara táyà ọkọ̀ tí o ń wò. Ọjọ́ tí o bá sì ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ dání, kí gbogbo yín jókòó sínú rẹ̀ kí ẹnìkan tó na téèpù sábẹ́ rẹ̀.