Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yóò sọ sí kámẹ́rà

Ìbéèrè: Ọ̀gá àgbà wa fẹ́ fi fídíò sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ọjọ́ owó oṣù yóò yí padà. Bí mo ṣe máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé fún un ni mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbà á sílẹ̀ tán, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń pariwo mọ́ ògiri. Níbo ni kí n ti tún un ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ro ẹni tó máa gbọ́ ọ. Nínú gbọ̀ngàn, èrò ló jókòó pọ̀. Fídíò ní tirẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló máa mú fóònù lọ́wọ́ wò ó, bóyá nínú ọkọ̀, bóyá lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ yọ "gbogbo yín" àti "ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wa" kúrò. Èdè wa ti bá yín ṣe ìyókù: "ẹ" tí a fi ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn náà la fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Bí ọ̀gá bá ní "owó yín", olúkúlùkù yóò gbà pé òun ló ń bá wí. Kò gbọdọ̀ torí ìyẹn sọ "owó rẹ" o. Àwọn tó ju ọ̀gá lọ lọ́jọ́ orí wà láàárín òṣìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé báyìí lẹ kọ ọ́: "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi lẹ́yìn? Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìjíròrò, àwọn aláṣẹ ti fẹnu kò…" Kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn, ẹni tó sì ń wò ó lálẹ́ kò ní àárọ̀ kankan níwájú. Èmi yóò kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́. Láti oṣù kẹwàá, ọjọ́ 28 ni owó yín yóò máa wọlé, kì í ṣe ọjọ́ 25 mọ́. Iye rẹ̀ kò yí padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀." Mo fi ọ̀rọ̀ iye owó síwájú ìdí, nítorí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kò ní gbọ́ àlàyé. Ẹ má kọ "oṣù tó ń bọ̀" rárá. Ẹ ò mọ ọjọ́ tí ẹlòmíràn máa wò ó.

Ariwo yẹn, máíkì ló máa gbà yín. Ẹ fi há ọ̀gá láṣọ, kí ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹni tó jókòó ní iwájú tábìlì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí ó bá máa kà á, ẹ gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kámẹ́rà gan-an, kí ìlà rẹ̀ kúrú. Ìlà gígùn máa ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa sáré láti òsì sí ọ̀tún, olùwòran á sì rí i. Ẹ fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀. Mo ti rí ẹni tó bá "owo" tí kò ní àmì pàdé, tó dúró láti ro ó bóyá owó ni tàbí òwò. Ìdádúró yẹn hàn kedere nínú fídíò.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi han òṣìṣẹ́ kan tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni owó rẹ̀ yóò wọlé, àti pé ṣé iye rẹ̀ dín. Bí kò bá lè dáhùn, ìwé lẹ máa tún kọ, kì í ṣe fídíò.