Fífẹ̀ kíláàsì fún dátà owó tó ń wọlé lóṣù

*“Ẹ̀yin àgbà, ẹ kúuṣẹ́ o. Mo ní dátà owó tó ń wọlé lóṣù fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò ní Mushin àti Yaba, fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Tí mo bá ní kí R, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ya hísítógírámù rẹ̀, ọ̀pá gíga kan ṣoṣo ló ń yọ. Mo wá fi 5,000 náírà ṣe kíláàsì, ìyẹn fífẹ̀ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ó di eyín ooya. Èló ni kí n lò, kí ni kí n sì sọ fún súpáfáísọ̀ mi?”*

Àbúrò, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí ọ̀pá gíga kan yẹn ló ba iṣẹ́ tí a fi òógùn ṣe jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gba àkọsílẹ̀ owó tó ń wọlé fún èèyàn 512, láti Balógun àti Ìdúmọ̀tà ní Erékùṣù títí dé Mushin àti Ojúẹlẹ́gba. Ọ́fíìsì tó gbé iṣẹ́ náà fún wa fẹ́ mọ iye tó yẹ kí wọ́n máa yá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jẹun lọ́jà. Ẹni tí tirẹ̀ kéré jù sọ pé 12,000 náírà ló ń wọlé fún òun lóṣù, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù sọ 2,400,000. Ìdá kan nínú mẹ́rin wọn kò tó 45,000, ìdá kan nínú mẹ́rin sì ju 125,000 lọ. Fi àwọn iye yìí sọ́kàn, àwọn ni n óo fi máa ṣàlàyé.

Tí o kò bá sọ nǹkan kan fún R, fọ́múlà Sturges ti ọdún 1926 ló ń lò: `k = 1 + log2(n)`. Iye èèyàn nìkan ni fọ́múlà yìí ń wò. Kò bìkítà bóyá owó wọn sún mọ́ra tàbí ó jìnnà síra. Fún èèyàn 512, kíláàsì 10 ló máa ní kí o ṣe. Wá pín ohun tó wà láàárín 12,000 àti 2,400,000 sí mẹ́wàá, ó di 238,800 fún kíláàsì kan, R á sì sọ ọ́ di 200,000 kí nọ́ńbà lè mọ́ lójú. Ọ̀pá àkọ́kọ́ wá bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé 200,000. Ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo èèyàn wa tó wọnú rẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ tó ń rí 30,000 àti obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Ìdúmọ̀tà tó ń rí 180,000 jọ wà nínú ọ̀pá kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí dátà tìrẹ náà nìyẹn: ọlọ́rọ̀ díẹ̀ tó wà lókè ló fa àwòrán gùn, gbogbo àwọn yòókù sì há sí ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá tó gba ìròyìn wa ní ọ́fíìsì yẹn ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí, pé ìwé ló kọ ọ́. A ya àwòrán mìíràn hàn án, ó ní a fẹ́ fi ọwọ́ tún dátà ṣe. Wọ́n ní ká lọ tún un kọ, ká padà wá, ká tún un kọ, gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀pá mẹ́wàá. Nígbẹ̀yìn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó àwọn ará ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí iye owó ẹ̀yáwó kan náà fún gbogbo wọn. Ìyá tó ń ta ata rodo lórí àwo gba gbèsè tí agbára rẹ̀ kò ká. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù gba owó tí kò tó ra ẹrù kan. Inú mi kò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí kò wo inú dátà rí ló ń fi fọ́múlà pa ẹni tó lọ kó o wá lẹ́nu mọ́.

Wọ́n tún mú ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá tó lo Excel. Tí o bá fi Excel sílẹ̀ láti yàn fúnra rẹ̀, fọ́múlà Scott ti ọdún 1979 ni yóò lò: `h = 3.49 * s / n^(1/3)`. Lẹ́tà `s` yẹn ni ìyapa dátà kúrò lára áfárééjì. Tiwa jẹ́ 160,000, gbòǹgbò kẹta 512 sì jẹ́ 8, nítorí náà fífẹ̀ kíláàsì jẹ́ 69,800. Ó sàn ju ti Sturges lọ, ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Tí o bá yọ ẹni kan ṣoṣo tó sọ 2,400,000 kúrò, fífẹ̀ yẹn á jábọ́ sí nǹkan bí 54,000. Èèyàn kan nínú 512 ló ń pinnu bí a ó ṣe rí gbogbo àwọn tó kù. (Má torí ìyẹn pa ọlọ́rọ̀ rẹ́ kúrò nínú dátà o. Owó rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ipò rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ bá tàwọn yòókù jẹ́.)

Èyí tí mo fẹ́ kí o fi bẹ̀rẹ̀ ni ti Freedman àti Diaconis, ọdún 1981: `h = 2 * IQR / n^(1/3)`. Àlàfo tó wà láàárín ìdámẹ́rin ìsàlẹ̀ àti ìdámẹ́rin òkè ló ń lò, ọlọ́rọ̀ kan kò sì lè mì ín. Fún wa, 125,000 yọ 45,000 jẹ́ 80,000. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 160,000, pín in sí 8, ó di 20,000. Ṣe ìṣirò tìrẹ, torí iye èèyàn rẹ àti àlàfo rẹ kò ní jọ tèmi.

Ṣùgbọ́n fọ́múlà kò mọ bí èèyàn ṣe ń dáhùn ìbéèrè lórí owó, ibẹ̀ sì ni eyín ooya rẹ ti wá. Bi ẹnikẹ́ni ní Mushin pé èló ló ń wọlé fún un lóṣù, kò ní sọ 47,350. Á ní 50,000. Nígbà tí o fi 5,000 ṣe kíláàsì, kíláàsì tí 50,000 wà nínú rẹ̀ kún, èyí tó tẹ̀ lé e sì ṣófo, kì í ṣe torí pé kò sẹ́ni tó ń rí irú owó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, fífẹ̀ kíláàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po pípé fún iye tí wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ sí, ìyẹn 10,000 níbí. Ká ní o yan 15,000, tí o bẹ̀rẹ̀ láti 3,000. Kíláàsì àkọ́kọ́ á ní 10,000 nìkan nínú, èyí tó tẹ̀ lé e á ní 20,000 àti 30,000, òmíràn 40,000 nìkan, òmíràn 50,000 àti 60,000. Ọ̀pá kúkúrú, ọ̀pá gíga, títí lọ, ìrọ́ pátápátá, ìwọ nìkan lo sì dá a sílẹ̀. Tí fọ́múlà bá fún ọ ní 17,300, sún un sí 20,000.

Ibi tí kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Má jẹ́ kí ààlà bọ́ sórí iye tí èèyàn ń pè. Owó oṣù tó kéré jù ní orílẹ̀-èdè yìí di 70,000 ní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì kéde 85,000 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù lọ́dún kan náà. Tí ààlà rẹ bá bọ́ sórí 85,000, ọ̀kan tí R bá ń ka ààlà mọ́ ló máa gbé gbogbo wọn. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 3,000, kí ààlà lè jẹ́ 23,000, 43,000, 63,000, 83,000, iye tí ẹnu kì í sábà pè.

```r
w <- owo[owo < 303000]
hist(w, breaks = seq(3000, 303000, by = 20000), right = FALSE)
sum(owo >= 303000)
```

`owo` ni orúkọ tí mo fún dátà náà. Ìlà kẹta yẹn ń ka àwọn tó kọjá àwòrán. O gbọ́dọ̀ kọ iye wọn sábẹ́ àwòrán náà.

Nígbà tí a ṣe é báyìí, ìgògòrò méjì ló yọ: ọ̀kan láàárín 23,000 àti 63,000, èkejì láàárín 103,000 àti 143,000. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ní èkejì jẹ́ ariwo lásán. Ohun tó yẹ kí o ṣe nìyí kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Sún ibi ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ní ìdajì kíláàsì, `seq(-7000, 313000, by = 20000)`, kí o tún un yà. Ìgògòrò tó jẹ́ àfọwọ́fà ààlà á pòórá. Tiwa kò pòórá. Tún wò ó bóyá ọ̀pá kan ṣoṣo ló yọrí tí àwọn méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì rẹlẹ̀: ìyẹn sábà jẹ́ àwọn tó sọ 100,000 tàbí 150,000 láìronú, kò sì ní lọ bí o bá tiẹ̀ sún ààlà. Tiwa jẹ́ ọ̀pá méjì tó wà pọ̀, kò sì sí 100,000 tàbí 150,000 nínú ìkankan wọn. Nígbà tí a wá ya àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí a lo kíláàsì kan náà fún méjèèjì, ìgògòrò kọ̀ọ̀kan bá àwọn tirẹ̀ lọ. Wọ́n mọ ìyẹn, wọ́n sì tún fi ọ̀pá mẹ́wàá tẹ ìròyìn jáde.

Má sọ ìtàn lórí ọ̀pá tí èèyàn inú rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pá tó ní èèyàn 9 lè di 6 tàbí 12 tí o bá lọ bi ẹlòmíràn lọ́la.

Ohun kan wà tó lè bá gbogbo èyí jẹ́ fún ọ, pàápàá níwọ̀n bí àwọn oníṣòwò ti wà nínú dátà rẹ. Oníṣòwò kì í ka owó lóṣù. Ó máa sọ pé 2,500 lójúmọ́, ìwọ á sì fi ọjọ́ 26 sọ ọ́ di 65,000. Ẹni tó sọ 3,000 á di 78,000. Wọ́n ń gé tiwọn sí 500 lójúmọ́, ìyẹn 13,000 lóṣù, 20,000 kò sì jẹ́ ìlọ́po pípé fún 13,000. Eyín ooya á tún padà wá, kíláàsì tó dára fún olówó oṣù kò sì ní mú un lọ. Ya àwọn tó dáhùn lójúmọ́ sọ́tọ̀, kí o sì ya àwòrán wọn ní náírà lójúmọ́, kíláàsì 1,000, kó bẹ̀rẹ̀ láti 250, kí 500 méjì-méjì lè wà nínú kọ̀ọ̀kan. Wo ìwé ìbéèrè rẹ báyìí bóyá o kọ ẹni tó dáhùn lójúmọ́ sílẹ̀. Tí o kò bá kọ ọ́, `sort(table(owo), decreasing = TRUE)` á fi 52,000, 65,000 àti 78,000 hàn ọ́ láàárín àwọn iye tó pọ̀ jù.

Ní ti súpáfáísọ̀ rẹ, má bá a jiyàn lórí fọ́múlà. Tẹ àwòrán mẹ́ta sójú ìwé kan, 10,000, 20,000 àti 30,000, kí ìlà ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Jẹ́ kí ó tọ́ka sí ohun tó wà nínú gbogbo wọn àti ohun tó wà nínú ọ̀kan nìkan. Lábẹ́ èyí tí o bá mú, kọ fífẹ̀ kíláàsì, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀ àti iye àwọn tó wà lókè 303,000.