Ọmọ kí mi lórí fóònù, kò sì sọ nǹkan mìíràn

Ìbéèrè: Kíláàsì kẹta ni mo ń kọ́ ní Adó-Èkìtì. Ọmọbìnrin kan fi fóònù ìyá rẹ̀ tẹ “Ẹ káalẹ́ mà” ránṣẹ́ sí mi. Mo ní “Kí ló dé?”, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ǹ bá ti dá a lóhùn?

Ìdáhùn: Ọmọ tí a tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé ìkíni ló ń ṣáájú, pé ó sì yẹ kí àgbà jẹ́ òun kí òun tó sọ ohun tí òun bá wá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà yín ló dúró sí, yóò rí ojú yín. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ yín nìkan ló rí. “Kí ló dé?” sì ni a máa ń bi ẹni tí nǹkan ṣe tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀. “Kí lo fẹ́?” tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohùn ẹni tí a ń dí lọ́wọ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, kí ẹ wá bi í ní ohun kan ṣoṣo: “Káalẹ́ o, Àdùkẹ́. Inú mi dùn pé o kí mi. Kí lo fẹ́ sọ fún mi?” (Oríkì rẹ̀ ni kí ẹ fi pè é, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.) Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ “Ṣé dáadáa lo wà?” kúrò, nítorí “Dáadáa ni mà” ni yóò fi dáhùn, tí ọ̀rọ̀ yóò sì tán síbẹ̀. Bí ẹ bá sì bi í pé ṣé ó ní nǹkan í sọ, ìtìjú lè mú un sọ pé rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró, torí ọmọ máa ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹ lè kọ ọ́ pé: “Ṣé iṣẹ́ àṣetiléwá ni, àbí ọ̀rọ̀ mìíràn?” Ẹ má yọ “ọ̀rọ̀ mìíràn” yẹn, kí ó má baà gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọmọkùnrin ọlọ́dún 8 kan kí mi lẹ́ẹ̀mẹta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àdúrà ni mo sì ń fi dá a lóhùn. Ìgbà tí mo tó bi í ní ohun tí ó fẹ́ sọ fún mi ni ó kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i pé: “Iwe mi wa ni ule egbon mi.” Èmi náà mọ̀ pé “ilé” ni ìwé kíláàsì ń kọ, ṣùgbọ́n bí mo bá tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, yóò rò pé ìdánwò ni. Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá a lóhùn: “Mo gbọ́. Ìwé rẹ wà ní ulé ẹ̀gbọ́n rẹ. Kí ni kí n bá ọ ṣe?” Ó pẹ́ díẹ̀ kí èsì tó dé: “E ba mi so fun maami.”