C 150 Kì í Ṣe Ti Páìpù Nìkan: Hazen-Williams Tàbí Darcy-Weisbach?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Páìpù oníke kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń gbé omi tí a po gíláíkọ́ọ̀lù mọ́ yí ká inú ètò amúǹkantutù. Inú rẹ̀ jẹ́ 50 mm, gígùn rẹ̀ 200 mítà, ìṣàn tí a fẹ́ jẹ́ lítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo fi fọ́múlà Hazen-Williams ṣírò agbára tí yóò pàdánù nínú páìpù, mo lo C 150 ti páìpù oníke, àmọ́ pọ́ńpù tí a rà kò lè ti í tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní kí n dín C kù sí 120, ẹlòmíràn ní kí n pa Hazen-Williams tì pátápátá. Èwo nínú méjèèjì ló tọ̀nà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí èyí tó tọ̀nà nínú ìmọ̀ràn méjèèjì. Èyí tó ní kí o dín C kù ló léwu jù, nítorí ó máa ń dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́. Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé C ń sọ bí inú páìpù ṣe dán tó, pé bí páìpù bá ti jẹ́ oníke, 150 ni, ohun yòówù kí ó máa gba inú rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Allen Hazen àti Gardner Williams, àwọn ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kó ìwọ̀n tí àwọn èèyàn ti wọ̀n lórí páìpù omi jọ, wọ́n sì wá fọ́múlà tó bá àwọn ìwọ̀n náà mu. Omi ni gbogbo rẹ̀, omi tí kò gbóná tí kò sì tutù jù. Wo ohun tí wọ́n kọ:

```
hf = 10.67 × L × Q^1.852 / (C^1.852 × D^4.87)
```

L ni gígùn ní mítà, Q ni ìṣàn ní m³/s, D ni fífẹ̀ inú páìpù ní mítà, hf sì ni agbára tí omi pàdánù bó ṣe ń fara ha ògiri páìpù, tí a ń fi mítà kà. Wá ibi tí a ti lè sọ bí ohun olómi náà ṣe ki tó. Kò sí. Kíki omi ti wọ inú 10.67 àti C lọ láìsọ̀rọ̀, nítorí omi nìkan ni wọ́n ń bá ṣe. Ní ọjọ́ tí o da gíláíkọ́ọ̀lù sínú páìpù, fọ́múlà náà kò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà.

Fọ́múlà kejì, Darcy-Weisbach, béèrè kíki náà lọ́wọ́ rẹ. Òun náà nìyí, pẹ̀lú ọ̀nà tí a lè gbà rí f láìwo àtẹ:

```
hf = f × (L/D) × V^2 / (2g)
Re = V × D / ν
f  = 0.25 / [log10(ε/(3.7D) + 5.74/Re^0.9)]^2
```

f ni nọ́ńbà ìfarahà, V ni eré tí ohun olómi náà ń sá ní m/s, g sì ni 9.81 m/s². ν ni kíki rẹ̀ ní m²/s, tí 1 mm²/s jẹ́ 0.000001 rẹ̀, ε sì ni bí ògiri inú páìpù ṣe rí ṣákiṣàki tó. Re, tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà Reynolds, ló ń sọ bóyá ohun tó wà nínú páìpù ń ṣàn rúdurùdu tàbí ó ń rọra yọ́ lọ.

Jẹ́ ká wá gbé páìpù tìrẹ yẹ̀ wò. Lítà 2 nínú páìpù 50 mm jẹ́ eré 1.02 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ká kọ́kọ́ fi omi lásán sí i ní 20°C, tí ν rẹ̀ jẹ́ 1 mm²/s. Hazen-Williams pẹ̀lú C 150 fún wa ní 4.3 mítà. Darcy-Weisbach, pẹ̀lú ε 0.0015 mm ti ike, fún wa ní f 0.0208 àti 4.4 mítà. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n dúró sí. Fún iṣẹ́ irú èyí, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí tó bá mú.

Wàyí o, da gíláíkọ́ọ̀lù sí i. O kò sọ ìwọ̀n tí ẹ pò fún mi, nítorí náà mo gbà pé ìwé tí olùpèsè fi ránṣẹ́ sọ pé ν jẹ́ 7 mm²/s ní ìwọ̀n otútù tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Re já wálẹ̀ láti nǹkan bí 51,000 sí 7,300. f gòkè sí 0.034. Ìpàdánù náà di 7.2 mítà. Hazen-Williams ṣì jókòó sórí 4.3 tirẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ju ohun tí o fi ra pọ́ńpù lọ. Páìpù tó ń yí ká ni, kò sí òkè tí pọ́ńpù ń gun níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni ìfarahà yìí, nítorí náà gbogbo àṣìṣe náà orí rẹ̀ ló wó lé.

Ẹni tó ní kí o dín C kù yóò sọ pé, “Ṣé o rí i? Lo C 114, yóò fún ọ ní 7.2.” Òótọ́ ni, yóò fún mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ohun olómi náà móoru díẹ̀ títí ν fi di 3 mm²/s, nínú páìpù kan náà, pẹ̀lú lítà 2 kan náà. Ìpàdánù tòótọ́ di 5.7 mítà, C tó bá a mu sì di 129. Dá a padà sí 7 mm²/s, kí o wá gbé ìṣàn sókè sí lítà 4: C tó bá a mu di 120. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ògiri páìpù láti àárọ̀, síbẹ̀ C ti rìn láti 114 dé 129. Nọ́ńbà tó ń sá kiri báyìí kì í ṣe ti páìpù. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ iye tí yóò dín in kù sí ní láti kọ́kọ́ fi Darcy-Weisbach ṣírò. Bí o bá ti ní ìdáhùn Darcy-Weisbach lọ́wọ́, kí ni o tún ń wá C fún?

Mo tún máa ń gbọ́ pé Hazen-Williams ń ṣírò àṣejù, pé ẹni tó bá lò ó kò lè ṣìnà sí ibi ewu. Tìrẹ ti já èyí. Òdìkejì rẹ̀ ni omi gbígbóná: ní 60°C, omi kò ki tó tẹ́lẹ̀ mọ́, ìpàdánù nínú páìpù yìí kan náà jẹ́ nǹkan bí 3.8 mítà, Hazen-Williams sì ṣì ń pe 4.3. Níbẹ̀ ló ti ń ṣírò àṣejù. Ìhà tó máa ṣubú sí wà lọ́wọ́ ohun tó wà nínú páìpù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí o pa Hazen-Williams tì ńkọ́? Òun náà ti sáré jù. Páìpù irin àtijọ́ lábẹ́ ilẹ̀, tí ìpẹtà ti wú sínú rẹ̀, kò sí ìwé kan tó lè sọ ε rẹ̀ fún ọ. Bí o bá mú ε irin tuntun, tí o sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ dé nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì, irọ́ tó wọ aṣọ ẹ̀yẹ lo kọ. Bí àwọn tó ń tọ́jú omi náà bá ti ti géèjì bọ̀ ọ́, tí wọ́n wọn ìṣàn àti ìpàdánù, tí wọ́n sì rí C 85, èmi yóò gba C 85 yẹn, nítorí páìpù gan-an ló sọ ọ́. Ohun tí màá ṣọ́ ni eré. Nínú páìpù tó ti rí ṣákiṣàki, ìpàdánù máa ń tẹ̀ lé V^2 gan-an, kì í ṣe V^1.852. C tí a wọ̀n nígbà tí omi ń sá 0.5 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá, tí a wá lò fún mítà 2 bíi ti ìgbà tí a ń paná, yóò fi nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín ìpàdánù tòótọ́ kù. Wọ̀n ọ́n nítòsí eré tí o fẹ́ lò ó fún.

Darcy-Weisbach ní ibi tirẹ̀ tó ti ń tàn ni jẹ. Bí Re bá wà láàárín 2,000 sí 4,000, ìṣàn náà kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ jẹ́, f kankan tí o bá kọ síbẹ̀ jẹ́ àbá. Ṣọ́ra fún ibẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ohun olómi tó tutù gan-an. Àwọn ìwé kan sì ń lo f ti Fanning, tó jẹ́ ìdá mẹ́rin f tiwa. Bí o bá mú un wọ inú fọ́múlà òkè yìí, ìpàdánù yóò di ìdá mẹ́rin ohun tó yẹ kó jẹ́.

Bí EPANET, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò ìṣàn nínú páìpù, lo ń lò, èyí ni kí o kọ:

```
[OPTIONS]
 UNITS      LPS
 HEADLOSS   D-W
 VISCOSITY  7.0
```

VISCOSITY 7.0 túmọ̀ sí ìlọ́po méje kíki omi ní 20°C. Bí HEADLOSS bá ṣì wà ní H-W, nọ́ńbà yẹn kò ní kan ìpàdánù páìpù rárá. Lẹ́yìn tí o bá ti yí i padà, lọ sí Roughness páìpù kọ̀ọ̀kan, kí o sì tún un kọ, nítorí ẹ̀rọ náà kò ní bá ọ yí i. Ohun tó jẹ́ C 150 lánàá ti di ε 150 mm lónìí, nínú páìpù 50 mm! Mo ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ra ẹ̀rọ.

Ohun kan ṣì kù tó ń dà mí láàmú nínú lẹ́tà rẹ. O ní inú páìpù jẹ́ 50 mm. Ṣé o wọ̀n ọ́n, àbí 50 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lo kà? Lára ọ̀pọ̀ páìpù oníke, fífẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ. Inú lè máà ju 44 mm lọ. Bó bá jẹ́ 44 ni, ìpàdánù kúrò ní 7.2, ó di nǹkan bí 13 mítà.

Mi ò rí iṣẹ́ yín lójú, mi ò sì ka ìgbọ̀nwọ́, fáàfù àti ẹ̀rọ amúǹkantutù fúnra rẹ̀ mọ́ èyí. Ẹnjiníà tó máa buwọ́ lù ú ló gbọ́dọ̀ fi ν àti ìwúwo láti ọ̀dọ̀ olùpèsè ṣe é kí ẹ tó ra pọ́ńpù mìíràn. Ṣùgbọ́n o lè mọ èyí tó jẹ́ láìná owó púpọ̀. De géèjì méjì mọ́ orí 200 mítà náà, ní ipele gíga kan náà, kí o ka ìyàtọ̀ wọn nígbà tí ìṣàn bá wà ní lítà 2. Bí ìṣàn kò bá dé ibẹ̀, tún ìṣirò ṣe pẹ̀lú iye tó dé. Ní lítà 2, bí ìwúwo rẹ̀ bá jẹ́ 1,040 kg/m³, ìṣirò C 150 rẹ ń retí nǹkan bí 44 kPa. Bí o bá rí nǹkan bí 73, kíki gíláíkọ́ọ̀lù ni o gbàgbé. Bí o bá rí 134, gé orí páìpù kan kúrò kí o fi ìwọ̀n sí inú rẹ̀.