Ìkìlọ̀ Google láti ibi tí ẹ kò sí

"Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mo tan VPN, Google ní ẹnìkan wọlé láti Nẹ́dálándì. Ṣé wọ́n ti jí àkáǹtì mi ni?"

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ myaccount.google.com, ẹ má gba inú ímeèlì yẹn wọlé. Bí ẹ̀rọ àti àkókò tó wà níbẹ̀ bá bá tiyín mu, tó sì jẹ́ Nẹ́dálándì lẹ yàn nínú VPN, ẹ̀yin náà ni. Àdírẹ́sì VPN ni Google ń rí. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣàjèjì, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà kíá.

Ohun tó máa ń ti èèyàn mọ́ta gan-an ni símù Nàìjíríà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kò wọlé sí lókè òkun. Bí 2-Step Verification, tó ń béèrè kóòdù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, bá wà ní títàn, ẹ gba Backup codes, ìyẹn kóòdù tí ẹ lè lò dípò ti àtẹ̀jíṣẹ́, kí ẹ tó tún rìnrìn àjò: 10 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 8, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń ṣiṣẹ́. Orí ìwé ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe inú Gmail tó lè tì mọ́ yín.